Odindi Àpò Ẹ̀wà àbí Kóńgò Kóńgò: Èwo Ló Ń Dín Owó Kù Lóòótọ́?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń sè é. Ọ̀rọ̀ owó ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù. Ìbàdàn ló ń gbé, òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, nínú yàrá kan àti pálọ̀. Ohun tó sọ rèé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo lọ sí Bódìjà lánàá. Ìyá tí mo máa ń ra ẹ̀wà lọ́wọ́ wọn ní kóńgò kan ti di ₦2,400. Wọ́n ní bí mo bá ra odindi àpò, àwọn á fún mi ní ₦128,000, kóńgò 64 ló sì wà nínú ẹ̀. Mo ṣírò ẹ̀, kóńgò kan á bọ́ sí ₦2,000. Mo ní ₦140,000 lọ́wọ́. Owó ilé ni o, ṣùgbọ́n ó ṣì ku oṣù márùn-ún kí onílé tó béèrè. Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n rà á?"

Mo gbọ́ ohùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ìbéèrè gidi ni. Iye owó lè yàtọ̀ ní ọjà tiyín, ó sì lè ti yí padà kí ẹ tó ka èyí. Ẹ má wo iye yẹn. Ọ̀nà tí a fi ń ṣírò ẹ̀ ni kí ẹ mú, kí ẹ wá fi iye ọjà yín sí i.

Ìṣirò orí ọjà

Ìṣirò tí àbúrò mi ṣe kò burú. Bó bá ra kóńgò 64 lọ́kọ̀ọ̀kan ní ₦2,400, owó ẹ̀ á jẹ́ ₦153,600. Bó bá ra àpò, ₦128,000 ni. Ìyàtọ̀ ẹ̀ jẹ́ ₦25,600. Ta ni kò fẹ́ ₦25,600?

Ṣùgbọ́n kí ìṣirò yẹn tó lè jẹ́ òótọ́, nǹkan mẹ́rin gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀. Àpò yẹn gbọ́dọ̀ délé lọ́fẹ̀ẹ́. Gbogbo kóńgò 64 gbọ́dọ̀ dé inú ìkòkò, kí ẹyọ kan má bàjẹ́. Ẹ̀wà ò gbọdọ̀ já wálẹ̀ kí àpò tó tán. Owó yẹn náà kò sì gbọdọ̀ ní iṣẹ́ mìíràn tó lè ṣe. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà ò lè sọ ìkankan nínú wọn fún un, kì í sì í ṣe ẹjọ́ tiwọn. Inú ilé tiwa ni ìdáhùn wà.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ọ̀rọ̀ kóńgò yẹn fúnra rẹ̀. Kóńgò tí wọ́n wọ̀n tó kún bo ẹnu bí òkè, àti kóńgò tí wọ́n fi ọwọ́ nù lórí, kì í ṣe ìwọ̀n kan náà. Bí ìyá yẹn bá fi kóńgò tí a nù lórí ka àpò tó fi jẹ́ 64, tí àwọn tó ń tà ní kóńgò kóńgò sì ń bu òkè fún yín, àpò yẹn lè má ju kóńgò 58 tàbí 60 lọ ní ìwọ̀n tí ẹ ń rà tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹ béèrè pé, "Ìyá, kóńgò wo lẹ fi kà á?" Kò sí ìwà àfojúdi níbẹ̀. Ẹni tó ń ra àpò lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Ní ti àbúrò wa, mo ní kó padà lọ béèrè, wọ́n sì sọ fún un pé kóńgò olókè kan náà ni. Ó dáa, a ó di 64 mú.

Oṣù mélòó ni àpò yìí máa gbé nílé?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo bi í nìyí, kì í sì í ṣe ìbéèrè owó. Mo ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, kóńgò mélòó lẹ ń jẹ lóṣù?" Ó rò ó díẹ̀, ó ní ẹ̀wà ọjọ́ Sátidé, mọ́ínmọ́ín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àkàrà bí iná bá wà tí wọ́n lè lọ̀ ọ́. Ó sún mọ́ kóńgò kan lọ́sẹ̀, ìyẹn mẹ́rin lóṣù.

Ẹ pín 64 sí mẹ́rin. Oṣù 16 ni. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin.

Mo gbọ́ bó ṣe dákẹ́ lórí fóònù. Kò ṣírò ẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí ó rí àpò ní ọjà, owó ló rí. Kò rí i pé òun máa bá ẹ̀wà yẹn gbé inú yàrá kan náà láti ìsinsìnyí títí dé ọdún tó ń bọ̀. Gbogbo ohun yòókù tí mo fẹ́ sọ, lórí oṣù 16 yẹn ló dúró. Ẹ̀wà tó máa pẹ́ lọ́dọ̀ yín ni kòkòrò máa ráyè jẹ. Owó tó máa pẹ́ nínú àpò ni kò ní sí lọ́wọ́ yín nígbà tí nǹkan bá dé.

Kòkòrò kì í wá láti ìta

Ọ̀pọ̀ wa rò pé bí a bá ti so àpò dáadáa, kòkòrò ò ní rí i wọ̀. Ṣùgbọ́n kòkòrò ẹ̀wà, èyí kékeré tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú yẹn, láti oko ló ti ń bá ẹ̀wà bọ̀. Abo ẹ̀ máa ń lẹ ẹyin mọ́ ara pódi ẹ̀wà lóko, ó tún máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹ̀wà fúnra rẹ̀ nínú àpò. Bí ẹyin bá pa, ìdin kékeré tó jáde á gbẹ́ ihò wọnú ẹ̀wà lọ tààrà, inú ibẹ̀ ni yóò ti máa jẹun. Nígbà tó bá dàgbà tán ni yóò yọ, tí yóò fi ihò roboto tí gbogbo wa mọ̀ yẹn sílẹ̀.

Láti ẹyin dé àgbà, nínú ooru ilẹ̀ wa, kò ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún lọ. Abo kan lè yé ọ̀pọ̀ ẹyin. Ìyẹn ni pé lóṣooṣù, ìran tuntun ló ń jáde, ìran kọ̀ọ̀kan sì ń pọ̀ ju èyí tó bí i lọ. Ní oṣù kìn-ín-ní ẹ lè má rí ju ihò díẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, bí ẹ kò bá ṣe nǹkan kan sí i, ẹ ó tú àpò, lẹ́búlẹ́bú á máa dà nísàlẹ̀, àpò náà á sì gbóná bí ẹ bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Oṣù 16 kọ́ là ń sọ níbẹ̀ o.

Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ wo ẹ̀wà dáadáa kí ẹ tó rà á. Ẹ má wo èyí tó wà lẹ́nu àpò nìkan. Ẹ ní kí wọ́n bu láti ìsàlẹ̀ tàbí láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́ níbi tí oòrùn wà. Ihò roboto túmọ̀ sí pé àwọn kan ti jáde. Ohun funfun kékeré tó lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀wà, tí kò ṣeé fi ọwọ́ gbọ̀n kúrò, ẹyin ni. Ẹ fi eyín gé ẹyọ kan: bó bá dún ká, ó gbẹ. Bí eyín bá tẹ̀ ẹ́ wọnú, omi ṣì wà lára ẹ̀, bí ẹ bá sì dé e pa bẹ́ẹ̀, ó lè bu funfun.

Ẹ tún gbọ́ òórùn ẹ̀. Àwọn kan máa ń da ọ̀tápíápíá tàbí oògùn kòkòrò olómi sí ẹ̀wà kó má bàa bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àhesọ. Ní 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí irú oògùn bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń bá lára ẹ̀. Ní 2019, NAFDAC ní kí wọ́n yé ta ìgò kékeré oògùn dáíkílọ́fọ́ọ̀sì fún aráàlú. Nítorí náà, bí ẹ bá rí àpò tó ti pẹ́ nínú ilé ìtajà, tí kò sí kòkòrò kan ṣoṣo níbẹ̀, tó sì ń rùn bí oògùn, ẹ fi sílẹ̀. Kò sí ẹ̀dínwó tó tó ìyẹn. Ẹ̀yin náà, ẹ má dà á sí tiyín nílé.

Bí a ṣe ń tọ́jú ẹ̀ láìlo oògùn

Kòkòrò ń mí. Ohun tó ń ràn wá lọ́wọ́ nìyẹn. Bí ẹ bá dé ẹ̀wà mọ́ inú nǹkan tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, àwọn kòkòrò tó wà níbẹ̀ á mí èyí tó ṣeé mí nínú afẹ́fẹ́ náà tán. Bó bá ti ń tán lọ, wọn ò ní lè jẹun mọ́, wọn ò ní lè dàgbà, wọ́n á sì kú sínú ẹ̀wà. Orí ìmọ̀ yìí ni wọ́n gbé àpò onípele mẹ́ta kalẹ̀ lé, èyí tí ẹ ó rí PICS lára ẹ̀. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lé e lórí pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ ẹlẹ́wà ní Kamẹrúùnù. Ọ̀rá nípọnnípọn méjì ló wà nínú, àpò tí a hun sì wà lóde. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń so àwọn ọ̀rá yẹn.

Bí ẹ ò bá rí i rà, kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí líle ń ṣe iṣẹ́ kan náà, bó bá ti gbẹ nínú dáadáa. Ẹ kún un dẹ́nu, kí afẹ́fẹ́ tó kù lókè má pọ̀, kí ẹ sì dé e pa. Bí ẹ bá kọ́kọ́ sá ẹ̀wà sóòrùn, ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì. Oòrùn máa ń lé àwọn tó ti jáde lọ, ṣùgbọ́n kò dájú pé ó pa ìdin tó wà nínú.

Àmọ́ ẹ wo ibi tí wàhálà wà fún àpò ńlá. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tú u láti bu ẹ̀wà ọjọ́ Sátidé, afẹ́fẹ́ tuntun ń wọlé, kòkòrò tó kù ń jí. Àpò onípele mẹ́ta dára fún ẹni tó fẹ́ dì í kó má fọwọ́ kàn án fún oṣù díẹ̀. Fún ẹni tó ń bu kóńgò kan lọ́sẹ̀, kẹ́ẹ̀gì kéékèèké ló dáa jù: ẹ tú ọ̀kan, ẹ jẹ ẹ́ tán, kí àwọn yòókù wà ní dídé.

Nǹkan kan tún wà tí kòkòrò ò mọ̀ nípa ẹ̀. Ẹ̀wà tó bá pẹ́ níbi tó gbóná tí atẹ́gùn sì tutù, irú yàrá tí fèrèsé kan ṣoṣo wà, máa ń le. Kò ní bàjẹ́, kòkòrò ò ní jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ó sè é títí, kò ní rọ̀. Gáàsì ló ń san owó yẹn. Bí ẹ̀wà bá ń gba ìlọ́po méjì àkókò tó ń gbà tẹ́lẹ̀ lórí iná, apá kan nínú ẹ̀dínwó yín ń bá iná lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé kí ẹ ra kóńgò kan nínú àpò yẹn gan-an lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ sè é, kí ẹ sì fi fóònù ka ìṣẹ́jú tó lò. Bí ẹ̀wà bá ti le lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kò ní rọ̀ lọ́wọ́ yín.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò gidi

Ó yá, ẹ mú ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù yín. Òfin ẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ẹ kó gbogbo owó tí àpò náà gbà pọ̀, kí ẹ wá pín in sí iye kóńgò tí ẹ máa jẹ lóòótọ́. Ẹ má pín in sí iye tí ẹ rà.

Àpò, ₦128,000. Owó alábàárù àti ọkọ̀ láti Bódìjà dé ilé, àbúrò wa ní ₦5,000 ni. Bó bá ń ra kóńgò kan, kò ná nǹkan kan lé e, torí pé inú àpò ọjà kan náà ló ń gbé e sí. Àpò onípele mẹ́ta, ₦2,500. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦135,500.

Ẹ pín iye yẹn sí ₦2,400, ìyẹn owó kóńgò kan lọ́jà. Ó fún yín ní kóńgò 56 àti àbọ̀. Iye yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Ó túmọ̀ sí pé bí kóńgò méje àti àbọ̀ bá bàjẹ́ nínú 64, àǹfààní ti tán pátápátá, á dà bíi pé ó rà á ní kóńgò kóńgò. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti pàdánù. Mo bi í, "Nínú oṣù 16, tí ẹ ó máa tú àpò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣé ó dá ẹ lójú pé kóńgò méje ò ní bàjẹ́?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi mí sílẹ̀."

Ká tiẹ̀ ṣàánú ẹ̀. Ká ní mẹ́fà péré ló bàjẹ́. Ó jẹ 58. ₦135,500 pín sí 58 jẹ́ nǹkan bíi ₦2,336 fún kóńgò kan. Ẹ rí i pé kì í ṣe ₦2,000 mọ́. Kóńgò 58 ì bá jẹ́ ₦139,200 bó bá rà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Èrè ẹ̀ di ₦3,700, láàárín oṣù 16. ₦25,600 ti di ₦3,700, a ò sì tíì dé ibi owó tó há.

Onílé kì í gba ẹ̀wà

Owó tó wà nínú àpò ẹ̀wà ò sí nínú báńkì. Ọ̀nà méjì la lè gbà wo ohun tí ìyẹn ń náni.

Ọ̀nà kìn-ín-ní: ká ní owó yẹn wà níbi tó ń mú èlé wá, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo owó náà ló há. Ní ìparí, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Tí a bá wo àárín, bíi ₦65,000 ló há fún oṣù 16. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ₦65,000 jẹ́ ₦650. Ní ìlọ́po 16, ₦10,400. Èrè tí ó kù jẹ́ ₦3,700, èlé tó pàdánù jẹ́ ₦10,400. Àpò yẹn ti mú un jẹ gbèsè ₦6,700 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rẹ́ ẹ jẹ.

Ọ̀nà kejì ló dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ àbúrò wa. Owó ilé ni. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, wọ́n á ti jẹ kóńgò 20. Kóńgò 44 á ṣì wà nílẹ̀, ìyẹn ₦88,000 ní iye tó rà á. Ṣé onílé á gba kóńgò 44? Ìyá tó tà á fún un kò ní gbà á padà ní iye yẹn, pàápàá ẹ̀wà tí wọ́n ti tú. Bó bá wá lọ yá ₦88,000 lórí ápù tó ń yáni lówó, tí wọ́n sì gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún fún oṣù kan, ₦8,800 ti lọ lóṣù kan ṣoṣo. Ìyẹn ju ìlọ́po méjì èrè tí àpò náà lè mú wá ní ọdún kan àti oṣù mẹ́rin.

Nítorí náà, owó tó bá ti ní ọjọ́ tí wọ́n máa béèrè ẹ̀, ẹ má fi ra ọjà tó máa kọjá ọjọ́ yẹn kó tó tán. Bí owó ilé bá ku oṣù márùn-ún, ẹ̀wà tó lè wọ inú ìṣirò ni èyí tó máa tán láàárín oṣù márùn-ún, tí ẹ sì ń fi owó oúnjẹ oṣooṣù dá a padà bí ẹ ṣe ń jẹ ẹ́.

Bí ẹni mẹ́rin bá pín in ńkọ́?

Níbi tí àbúrò mi fẹ́ ti sọ̀rètí nù ni mo ti sọ èyí fún un. Kì í ṣe àpò ni ìṣòro, oṣù 16 ni. Bó bá rí ilé mẹ́ta mìíràn tí wọ́n jọ máa pín in, kóńgò 16 ló kàn án. Oṣù mẹ́rin ni.

Ẹ jẹ́ ká tún un ṣírò. Ìpín tiẹ̀ nínú owó àpò, ₦32,000. Ìpín nínú owó alábàárù àti ọkọ̀, ₦1,250. Ọkọ̀ láti ibi tí wọ́n ti pín in dé ilé ẹ̀, ₦500. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ẹ̀wà oṣù kan dẹ́nu, ₦500 lọ́kọ̀ọ̀kan, ₦2,000. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦35,750. Ká ní àbọ̀ kóńgò bàjẹ́, ó jẹ 15 àti àbọ̀. Lọ́jà, ìyẹn ì bá jẹ́ ₦37,200. Èrè ẹ̀ jẹ́ ₦1,450. Èlé tó pàdánù lórí bíi ₦18,000 tó há fún oṣù mẹ́rin jẹ́ ₦720. Ó kù ₦730.

Ẹ ó ní, "₦730 péré? Ṣé torí ẹ̀ la ṣe ń dààmú?" Ẹ dúró ná. Kẹ́ẹ̀gì kì í tán. Nígbà kejì tí wọ́n bá tún pín àpò, ₦2,000 ti kẹ́ẹ̀gì ò ní sí níbẹ̀ mọ́, èrè á di ₦2,730 fún oṣù mẹ́rin. Ó ju kóńgò ẹ̀wà kan lọ. Owó gidi ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó tó ń yí ayé ẹni padà. Ẹ wo bí ẹ̀dínwó ₦400 lórí kóńgò kan ṣe sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bíi ₦175. Iye tí ẹ̀dínwó máa ń kù nígbà tó bá dé ilé nìyẹn, kódà bí a bá ṣe gbogbo ẹ̀ dáadáa. Ẹ sì rántí, nínú ìpín tiẹ̀ yìí, nígbà àkọ́kọ́, bí ohun tó bàjẹ́ bá ju kóńgò kan lọ díẹ̀, kò sí èrè mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ pín, ẹ pín in ní ọjọ́ tí ẹ rà á, níwájú gbogbo yín, pẹ̀lú kóńgò kan ṣoṣo. Àwọn tó sọ pé "ẹ gbé tèmi pa mọ́, màá san án tí owó oṣù bá wọlé" ti di ẹni tí ẹ yá lówó. Ìyẹn kì í ṣe pípín mọ́.

Ìgbà tí ẹ rà á

Ohun kan ló kù tó lè bo gbogbo ìṣirò yìí mọ́lẹ̀, ìyẹn ìgbà. Ìkórè ẹ̀wà láti Òkè Ọya máa ń wọ ọjà láti nǹkan bí oṣù kẹsàn-án lọ títí dé òpin ọdún. Ẹ̀wà tuntun á pọ̀, owó ẹ̀ máa ń rọlẹ̀ nígbà yẹn. Bí ọdún tuntun bá ti ń jìn lọ, tí ẹ̀wà tó wà nílẹ̀ ń dín kù, owó máa ń gòkè títí dé àárín ọdún.

Ẹ fi ìyẹn sínú ìṣirò. Bí àbúrò wa bá ra ìpín ẹ̀ ní oṣù kejìlá, tí kóńgò wá di ₦3,000 kó tó jẹ ẹ́ tán, kóńgò méjì tó bá jẹ lẹ́yìn náà ti mú ₦1,200 wá lórí èrè tí a ti kà. Ṣùgbọ́n bó bá ra odindi àpò ní oṣù keje, nígbà tí owó wà lókè, tí ẹ̀wà tuntun wá dé tí kóńgò bọ́ sí ₦2,000, ẹ̀wà tó wà nílé ẹ̀ wọ́n ju tọjà lọ fún gbogbo oṣù tó kù. Ẹni tó ń ra kóńgò kóńgò á máa jẹ̀gbádùn owó tuntun, ẹni tó ra àpò á máa jẹ ẹ̀wà owó àtijọ́. Nítorí náà, kí ẹ tó san owó, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á: "Ìyá, ṣé tuntun ni àbí ti ìkórè àná? Ìgbà wo ni tuntun ń dé?" Àwọn tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ mọ ìdáhùn, wọn kì í sì í fi pa mọ́ fún oníbàárà wọn.

Kí ni mo wá sọ fún un?

Mo ní kó má fọwọ́ kan owó ilé. Mo ní bó bá rí ẹni mẹ́ta tí owó wọn wà nílẹ̀, kí wọ́n pín àpò kan, kó fi owó oúnjẹ oṣù yìí san apá kan, kó sì fi ìyókù yá ara rẹ̀ láti inú ìfipamọ́, pẹ̀lú ₦9,600 tó ń ná lórí ẹ̀wà tẹ́lẹ̀ lóṣooṣù, tí yóò máa dá padà síbẹ̀ títí yóò fi pé. Bí kò bá rí ẹni mẹ́ta, kó máa ra kóńgò ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń ra kóńgò kan lọ́sẹ̀ ti sanwó fún ìyá yẹn láti bá a tọ́jú ẹ̀wà, láti bá a gbé ewu kòkòrò, láti bá a di owó mú. Nínú ₦400 yẹn, apá tó pọ̀ jù lọ ni owó iṣẹ́ yẹn. Kì í ṣe ìrẹ́jẹ.

Ó dá mi lóhùn lọ́jọ́ kejì. Ó ní òun ti rí ẹni méjì nínú ilé àwọn, ìyàwó onílé sì ni ẹni kẹta. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n kó rí i pé ìyàwó onílé san owó kí wọ́n tó tú àpò.

Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá ní ìṣirò tiyín, bóyá ti gààrí, ìrẹsì tàbí àlùbọ́sà, ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ sọ iye tí wọ́n ń tà á ní kékeré, iye tí wọ́n ń tà á lódindi, àti iye tí ẹ ń jẹ lóṣù. Láìsí èyí tó kẹ́yìn yẹn, mi ò lè bá yín ṣírò ẹ̀. Àlùbọ́sà ní tiẹ̀ kì í dúró bí ẹ̀wà, a ó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.